Fúláàtì Oníyàrá Méjì ní Festac: Kí Ìpolówó àti Ilé Bára Mu

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin éjẹ́ǹtì, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó jáde kí ẹlòmíràn lè wọlé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ òní ń bá wí jù, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wá ilé náà dẹtí sí i. A fẹ́ yẹ bí wọ́n ṣe ń kọ ìpolówó fúláàtì oníyàrá méjì wò, ní Festac Town àti káàkiri Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, tí yóò fi wu ẹni tó bá kà á, tí kò sì ní ṣi í lọ́nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nǹkan méjèèjì kò lè gbé pọ̀: pé bí ìpolówó bá máa wuni, àfi kí a bù mọ́ ọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kó sì dán wò ni ó ń mú alábàárà gidi jáde wá, òun náà ni kì í sì í jẹ́ kó bínú padà lọ.

Ẹ gbọ́ irú ìpolówó tó wọ́pọ̀: “Fúláàtì oníyàrá méjì tó rẹwà gan-an ní Festac. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni. Iná dáa, omi ń yọ, mítà pírípéèdì wà. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí Mile 2. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà.” Èmi ni mo hun ún fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ó lè jẹ́ pé kò sí irọ́ pọ́nńbélé kan nínú rẹ̀. Wọ́n kun ilé náà lọ́dà, nítorí náà wọ́n tún un ṣe. Omi ń yọ, nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. Mítà wà, ìdílé méjì ló jọ ń lò ó. Ó dà bíi kọ́ńgò gàrí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú: kọ́ńgò ni lóòótọ́, ó sì kún, àmọ́ gàrí inú rẹ̀ kò pé. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ìkòtún wá, tó gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, tó tún san owó tí éjẹ́ǹtì ń gbà kó tó ṣílẹ̀kùn, á dé ibẹ̀, á wo ọ̀tún wo òsì, á sì máa lọ. Éjẹ́ǹtì á tún mú ẹlòmíràn wá lọ́la. Ilé á ṣófo síbẹ̀, wọn á ní ọjà kò tà.

Orúkọ àdúgbò ni àbùmọ́ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni àwọn ilé náà di ibùgbé aráàlú, lábẹ́ Federal Housing Authority, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé. Nítorí pé wọ́n yàwòrán ìlú náà kí wọ́n tó kọ́ ọ, ó ní àwọn áfẹ́núù ńlá, àwọn róòdù tó ń jẹ́ nọ́ḿbà, àti àwọn kílóòsì tó ń jẹ́ lẹ́tà. Nítorí náà, kò sí ìdí kankan fún kíkọ “Festac” lásán. Ẹni tó bá kọ áfẹ́núù, róòdù àti kílóòsì, tó sì fi nọ́ḿbà ilé sílẹ̀ nítorí ààbò, ti jẹ́ kí òǹkàwé mọ ibi tó ń lọ. Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Festac wà nínú rẹ̀. Satellite Town, Kirikiri àti Abúlé-Àdó náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ “Amúwo-Ọ̀dọ̀fin” kò tíì sọ ibì kankan. Ẹni tó sì pe ilé Abúlé-Àdó ní Festac torí pé orúkọ Festac máa ń gbé owó lérí ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀tàn láti orí ọ̀rọ̀ kìíní, nítorí owó ilé, ọ̀nà àti ètò àyíká ibi méjèèjì kò dọ́gba.

Lẹ́yìn orúkọ ibẹ̀, kí ni a ń pè ní yàrá méjì? Ohun tí ayálégbé ní lọ́kàn ni yàrá ìbùsùn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé tirẹ̀, pálọ̀ lọ́tọ̀, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní Festac, ọ̀pọ̀ ilé ni kò rí bí ìjọba ṣe kọ́ ọ mọ́. Àwọn kan ti so yàrá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, àwọn kan ti kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn mìíràn ti fi pákó gé pálọ̀ sí méjì kí fúláàtì oníyàrá kan lè di oníyàrá méjì. Àtáṣímẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n so mọ́ ilé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí pé àjọ tó ni àmójútó ibẹ̀ ti kìlọ̀ nígbà púpọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ láìgbàṣẹ lè di wíwó. Nítorí náà, kí ìpolówó sọ ọ́: ṣé ara ilé àkọ́kọ́ ni, àbí àfikún. Kí ó sì kọ ìwọ̀n yàrá dípò “yàrá ńlá”. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 9 lè dà bí èyí tó tó nínú fọ́tò. Gbé bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà sínú rẹ̀: mẹ́rin ló kù lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Gbé kọ́bọ́ọ̀dù tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí apá tó ku mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló kù láti gbà kọjá níbẹ̀. Tọkọtaya lè sọ pé kò tó. Ọmọ ilé ìwé gíga méjì tó fẹ́ pín ilé á sọ pé ó pọ̀ tó. Ìwọ̀n yẹn ló ń bá yín ya èkínní kúrò lára èkejì kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀. Téèpù àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà.

Iná ni ibi tí irọ́ ti rọrùn jù, òun náà sì ni ibi tí òótọ́ ti ṣeé wọ̀n jù. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, ti pín ìlà iná sí bándì márùn-ún. Ilé tó wà lórí bándì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán; B, 16; C, 12; D, 8; E, 4. Ilé iṣẹ́ iná Èkó tó ń pín iná fún agbègbè yìí mọ bándì tí ìlà kọ̀ọ̀kan wà, rìsíìtì tí a fi ra yúnìtì sí mítà sì sábà máa ń fi hàn. Nítorí náà, kí ni “iná dáa” ń ṣe nínú ìpolówó? Kọ bándì. Àmọ́ má dúró síbẹ̀, torí pé wákàtí tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí wákàtí tó wọ ilé. Tiransifọ́ọ̀mà lè bàjẹ́, wáyà lè já, kí àdúgbò kan nínú bándì A wà lókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fi ọjọ́ méje kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ sílẹ̀, tàbí kí o ní kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bá ọ kọ ọ́, kí o wá fi èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an sínú ìpolówó. Ohun mìíràn tún wà. Bándì A kì í ṣe ìyìn nìkan. Owó ni pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà lórí bándì yẹn lọ sí 225 náírà, ìdílé mìíràn sì lè fẹ́ ibi tí iná kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí agbára wọn ká. Ẹni tó kọ “bándì A” láìsọ iye tí yúnìtì kan jẹ́ báyìí ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ní ti mítà, ìbéèrè méjì péré ni: ta ló ni ín, ṣé gbèsè sì wà lórí rẹ̀? Mítà tí gbèsè ayálégbé àtijọ́ wà lórí rẹ̀ lè máa jẹ owó ẹni tuntun.

Omi náà rí bẹ́ẹ̀. Bóhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé ní Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin gbẹ́kẹ̀ lé, bóhóòlù kò sì lè fa omi fúnra rẹ̀. “Omi ń yọ” gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń fà á: ṣé iná ìjọba ni, ṣé jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo ayálégbé ń dáwó epo rẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń fà á lọ́sẹ̀, báwo sì ni tánkì ṣe tóbi tó. Àwọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ibi púpọ̀ lágbègbè yìí jẹ́ ilẹ̀ àbàtà létí omi, bóhóòlù irú ibẹ̀ sì lè fa omi tí irin ti yọ́ sínú rẹ̀. Omi bẹ́ẹ̀ á mọ́ gaara nígbà tó bá ń yọ, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, omi á pọ́n, aṣọ funfun á sì ṣe bíi pé wọ́n fi ewé pa á láró. Ọ̀nà láti mọ̀ kò le: pọn ún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, fi í sílẹ̀ di àárọ̀, wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pọ́n, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “omi bóhóòlù, ó dára fún ìwẹ̀ àti ìgbọ̀nsẹ̀, ó máa ń pọ́n bí ó bá sùn.” Má kọ pé ó ṣeé mu tí ilé àyẹ̀wò kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbàrá òjò. Ìdí ògiri fẹ́ǹsì máa ń tọ́jú àmì ibi tí omi dé; ẹni tó bá rí i tó fi ọ̀dà kùn ún kí fọ́tò lè dára kò yàtọ̀ sí ẹni tó purọ́ lẹ́nu. Kọ oṣù tí omi máa ń dúró ní àdúgbò náà, àti ibi tó dé: títì ni, àgbàlá ni, àbí inú pálọ̀.

“Ìṣẹ́jú márùn-ún sí Mile 2” ńkọ́? Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nínú mọ́tò, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Àpápá bá tò, kò sí ẹni tó lè búra. Bí o bá ní ìṣẹ́jú ẹsẹ̀, rántí pé ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ nǹkan bíi mítà 400 fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Wọ̀n ọ́n lórí máàpù fóònù, kí o sì kọ mítà. Mítà kì í yí padà bí ọ̀nà bá dí. Bí mọ́tò ni, kọ ọjọ́ àti aago tí o fi dán an wò. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti wá di ìdẹ mìíràn. Láti Mile 2 sí Marina ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, àǹfààní gidi nìyẹn. Kọ iye owó kẹ̀kẹ́ tàbí bọ́ọ̀sì láti ilé dé ibùdó Mile 2. Ṣùgbọ́n má fi ibùdó tí ọkọ̀ kò tíì máa dúró sí polówó ilé tí èèyàn fẹ́ wọ̀ lóṣù yìí.

Owó ló kù, níbẹ̀ sì ni ìbínú pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ ká padà sí mílíọ̀nù kan àbọ̀ náírà inú àpẹẹrẹ wa. Ẹ fi kọmíṣọ̀n éjẹ́ǹtì kún un, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 150,000. Àgírímẹ́ǹtì, iye kan náà. Owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́, 100,000. Owó ìtọ́jú àyíká, 120,000. Ó ti di 2,020,000 náírà. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan àbọ̀ sápò wá ti bá ilé tí kò lè gbà pàdé. Ìpolówó tó péye á kọ àpapọ̀ ọdún kìíní, á sì kọ ti ọdún kejì, èyí tí yóò jẹ́ 1,620,000, torí pé kọmíṣọ̀n, àgírímẹ́ǹtì àti owó ìdúró kò tún sí mọ́. Èyí kejì yẹn dùn ún gbọ́, síbẹ̀ àwọn onípolówó kì í rántí rẹ̀! LASRERA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó òwò ilé, ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kí kọmíṣọ̀n éjẹ́ǹtì má kọjá ìdá mẹ́wàá. Òfin ìyálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sì sọ pé kò tọ́ láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń gba ilé lọ́dọọdún. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò yọ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Nítorí náà, ìpolówó tó ní “owó ọdún méjì” níbí ti kọ ẹ̀rí sílẹ̀ lòdì sí ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Bí mo bá kọ gbogbo àléébù ilé mi, ta ni yóò wá?” Ìbéèrè tó yẹ ni. Èsì mi ni pé àléébù tí ẹ kò kọ, ẹni tó wá á rí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ohun tí ìfipamọ́ ń ṣe ni pé ó ń mú kí onítọ̀hún fi owó ara rẹ̀ wá rí i, pẹ̀lú ìbínú, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ohun tí kò lè rí. Ní ìlú London, láàárín ọdún 1950 sí 1970, éjẹ́ǹtì ilé kan wà tó ń jẹ́ Roy Brooks. Nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Àìkú ni ó ti máa ń kọ àléébù ilé tó ń tà jáde láìfi bò: ọ̀rinrin ara ògiri, ìdọ̀tí, ọgbà tí kò wúlò. Àwọn èèyàn ń wá ìpolówó rẹ̀ kà bí ìròyìn, òwò rẹ̀ sì gbèrú. N kò sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé yín. Ọgbọ́n àwàdà tirẹ̀ kò sí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ohun tí ìtàn rẹ̀ fi hàn ni pé òǹkàwé á gba ìyìn gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti sọ àléébù.

Ẹlòmíràn á ní, “Gbogbo wọn ló ń parọ́, bí èmi nìkan bá sọ òótọ́, ilé mi á dà bí èyí tó burú jù.” Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé bí a bá to ìpolówó méjì síra, èyí tó ní “iná tìgbà gbogbo” á borí èyí tó ní “wákàtí 14 lójúmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá” lójú ẹni tí kò tíì wá ilé rí. Àmọ́ ẹni tí kò tíì wá ilé rí kò pọ̀ ní Èkó. Ẹni tó ti wo ilé mẹ́ta tó tàn án jẹ mọ̀ pé “tìgbà gbogbo” kò ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó kọ wákàtí 14 ti ka wákàtí nínú ilé náà gan-an. Òfin pàápàá kò dákẹ́. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí kí ẹni tó ń ta ọjà tàbí iṣẹ́ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ tàbí tó lè ṣini lọ́nà nípa rẹ̀. Ẹni tó ní ilé “rẹwà” kò lè bọ́ sọ́wọ́ òfin, nítorí ojú ló ń rí ẹwà. Ẹni tó ní àgbàrá kò wọlé rí, tí àgbàrá sì wọlé lóṣù Kẹfà, ìyẹn ti sọ ohun tí ilé ẹjọ́ lè wọ̀n.

Ibo wá ni wíwuni wà? Nínú ohun rere tó jẹ́ ti ilé náà gan-an. Kílóòsì Festac kì í sábà jáde sódì kejì, nítorí náà mọ́tò tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá tó lọ́mọ wẹ́wẹ́ á ka gbólóhùn kan yẹn ní àkàtúnkà. Ẹ gbọ́ ìpolówó àpẹẹrẹ wa bí ó ṣe yẹ kó rí: “Fúláàtì oníyàrá méjì, òkè kìíní, ara ilé tí ìjọba kọ́, nínú kílóòsì kan tí kò já, létí Sẹ́kọ́ńdì Áfẹ́núù, Festac Town. Fèrèsé pálọ̀ wà lápá méjì, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Yàrá kìíní, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 11. Èkejì, 10 sí 9. Balùwẹ̀ kan, yàrá méjèèjì ló ń lò ó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà, a sì pààrọ̀ páìpù balùwẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ti pẹ́. Bándì B, ó rí iná wákàtí 14 lójúmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mítà tirẹ̀ nìkan, kò sí gbèsè. Omi bóhóòlù, a ń fà á lójoojúmọ́, ó máa ń pọ́n bí ó bá sùn. Títì iwájú kílóòsì ní kòtò, omi máa ń dúró níbẹ̀ lóṣù Kẹfà, kì í wọ àgbàlá. Ààyè mọ́tò kan. Ọdún kìíní, 2,020,000 náírà lápapọ̀. Ọdún kejì, 1,620,000.” Kò gùn jù, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ẹni tó dé ilé náà kò lè fi ojú, téèpù tàbí ìbéèrè lọ́wọ́ aládùúgbò dán wò.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ kà á sókè láàárín pálọ̀ ilé náà, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ sì pa èyí tí ẹ kò bá lè nàka sí rẹ́. Ẹ kọ déètì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé bándì, owó yúnìtì àti ojú títì máa ń yí padà. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì ti sanwó, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an: ìpolówó ilé tó ti ní ayálégbé, bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ péye, irọ́ ni látòkè délẹ̀.